Ihò mẹ́jọ, omi mẹ́rin: bí a ṣe ń kọ ìjábọ̀ fún onígbọ̀wọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá fà sẹ́yìn

Ọmọbìnrin tó ń kó èsì iṣẹ́ jọ ní ọ́fíìsì wa ti kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́: "Kànga ẹ̀rọ: àfojúsùn 8, èyí tí a ṣe 8." Mo bi í pé mélòó ló ń yọ omi nínú wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, mẹ́jọ la gbẹ́ o."

"Mo ti gbọ́ ti gbígbẹ́. Omi ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Mẹ́rin."

Ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 nìyẹn. Kànga ẹ̀rọ 12 la fẹ́ gbẹ́ ní abúlé 12 ní agbègbè Ìbàràpá, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́; 8 nínú wọn ló yẹ kó ti parí títí di ìparí oṣù kẹsàn-án yẹn. Oṣù 18 ni àdéhùn, láti oṣù kìíní ọdún 2023 títí dé ìparí oṣù kẹfà ọdún 2024. Owó rẹ̀ jẹ́ £60,000, láti ọwọ́ àjọ aláàánú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti yí àwọn iye kan padà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fi dá wa mọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ìjábọ̀ oṣù mẹ́sàn-án ni a ń kọ lọ́jọ́ yẹn, a sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí oṣù kẹwàá tó parí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ padà lọ ka ohun tí ẹ tọwọ́ bọ̀

Kí ẹ tó kọ nọ́ńbà kankan, ẹ ṣí ìwé àdéhùn. Ibi mẹ́ta ni kí ẹ wá nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni bí wọ́n ṣe kọ òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà sí lẹ́tà. Èkejì ni iye tí ẹ lè gbé láti ìlà ìṣúná kan sí òmíràn láìgba àṣẹ. Ọ̀pọ̀ onígbọ̀wọ́ máa ń fi í sí ìdá 10 nínú 100. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ mélòó tí ẹ ní láti fi sọ fún wọn tí nǹkan bá dàrú. Àwọn ènìyàn kì í ka ẹ̀kẹta yìí, òun ló sì máa ń kó wọn sí wàhálà.

Nínú àdéhùn tiwa, ohun tí wọ́n kọ ni "kànga ẹ̀rọ 12 tí ó ń ṣiṣẹ́". Wọn kò kọ "tí a gbẹ́". Àmọ́ wọn kò sọ ohun tí "tí ó ń ṣiṣẹ́" túmọ̀ sí, àyè sì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹni tó bá ní ihò kan tí wọ́n ti fi páìpù sí lè sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní pọ́ọ̀mpù tó ń yọ omi ẹlẹ́gbin náà lè sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà a kọ ìtumọ̀ tiwa, a sì gbé e sínú ìjábọ̀ kí onígbọ̀wọ́ rí i: kànga kan ń ṣiṣẹ́ bí a bá débẹ̀ lọ́jọ́ tí a kò sọ tẹ́lẹ̀ tí pọ́ọ̀mpù yọ omi, tí a bá àwọn ará abúlé tí wọ́n ń pọn ún, tí àyẹ̀wò lábù kò sì rí ẹyọ kan nínú kòkòrò ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Í-kólì nínú mílílítà 100 omi náà. Bí ẹ bá máa ṣe àyẹ̀wò yìí, inú kúlà tí yìnyín wà ni kí ẹ kó ìgò omi náà sí, kí ó sì dé lábù kí wákàtí mẹ́fà tó kọjá. Omi tó bá sun inú bọ́ọ̀tì ọkọ̀, èsì rẹ̀ kò ní láárí mọ́.

Bí ẹ kò bá tí ì kọ ìtumọ̀ kankan láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ nísinsìnyí, kí ẹ sì sọ pé ìsinsìnyí ni ẹ kọ ọ́. Ohun tó burú ni kí ìtumọ̀ máa yí padà láti ìjábọ̀ dé ìjábọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka á láti òkè dé ìsàlẹ̀

Ohun tí mo ní kí ọmọbìnrin náà ṣe ni pé kó má pa mẹ́jọ rẹ́. Kó fi í síbẹ̀, kó wá fi hàn bí ó ṣe ń dín kù títí tó fi di mẹ́rin. Bí tábìlì náà ṣe rí rèé:

| Ohun tí a kà, títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án | Àfojúsùn | Iye |
|---|---|---|
| Ihò tí a gbẹ́ | 8 | 8 |
| Èyí tí a bá omi nínú rẹ̀ | 8 | 6 |
| Èyí tí a ti fi pọ́ọ̀mpù sí | 8 | 5 |
| Èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ (omi mọ́, wọ́n ń pọn ún) | 8 | 4 |

Ẹni tó bá wo tábìlì yìí mọ ibi tí iṣẹ́ ti já láìka gbólóhùn kan. Ìṣòro méjì wà lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀kan wà ní ti pọ́ọ̀mpù, ọ̀kan wà ní ti omi fúnra rẹ̀. Bí a bá kọ 8 nìkan, irọ́ ni. Bí a bá sì kọ 4 nìkan, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ yóò rò pé a kàn jókòó ni, kò ní mọ ohun tó yẹ kó ràn wá lọ́wọ́ sí.

Àkíyèsí kan wà tí mo fi kún un lábẹ́ tábìlì, tí ọ̀gá wa kò kọ́kọ́ fẹ́. Oṣù kẹsàn-án ni a lọ wo àwọn kànga yìí, nígbà tí òjò ti rọ̀ fún oṣù mélòó kan tí omi abẹ́ ilẹ̀ sì gòkè. Kànga tó ń yọ omi dáadáa ní oṣù kẹsàn-án lè máa kérora ní oṣù kẹta, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá le. Nítorí náà a kọ ọ́ pé: "Mẹ́rin yìí lè dín kù nígbà ẹ̀rùn. A máa padà lọ wọn bí omi ṣe ń jáde ní oṣù kẹta ọdún 2024, a ó sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́." Ọ̀gá ní ẹnu ara wa la fi ń ta ara wa. Mo ní bí a kò bá kọ ọ́ báyìí, ní oṣù kẹta a ó kọ̀wé pé kànga tí a ti sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ta ni yóò wá gba wá gbọ́?

Ìgbésẹ̀ kẹta: iye ènìyàn

Ibí yìí ni nọ́ńbà ti máa ń wú bí àkàrà nínú epo. Àwọn tó ń ṣe ìrànwọ́ pàjáwìrì ní ìlànà kan pé kí pọ́ọ̀mpù ọwọ́ kan má ṣe ju ènìyàn 500 lọ. Òpin ni 500 yẹn, láti mọ̀ bóyá pọ́ọ̀mpù tó fún àwọn tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe iye àwọn tó ń mu omi. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí ìjábọ̀ níbi tí wọ́n ti mú 500, tí wọ́n fi 8 sọ ọ́ di púpọ̀, tí wọ́n wá kọ "ènìyàn 4,000 ti rí omi mu".

Àfojúsùn tiwa ni ènìyàn 400 fún kànga kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 3,200 fún mẹ́jọ. A lọ ka ilé kọ̀ọ̀kan ní abúlé mẹ́rin tí kànga wọn ń ṣiṣẹ́, a bá 310, 265, 480 àti 190. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,245, kò tó ìdá 40 nínú 100 àfojúsùn. Ó dunni láti kọ. Àmọ́ orúkọ baálé ilé kọ̀ọ̀kan àti iye àwọn tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ wà nínú ìwé, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ tún un kà.

Kíkà yẹn sì fi ohun kan hàn wá tí a kò mọ̀: abúlé tó ní ènìyàn 190 kò lè pé 400 láéláé. Bí kànga méjìlá bá tilẹ̀ pé, a kò ní dé àfojúsùn ènìyàn, nítorí pé ẹni tó kọ ìwé ìbéèrè owó fojú díwọ̀n abúlé ni, kò dé ibẹ̀. A kọ èyí náà. Irú rẹ̀ dára láti sọ ní àárín iṣẹ́, nígbà tí onígbọ̀wọ́ ṣì lè gbà pé kí a yí àfojúsùn padà. Ní ìparí iṣẹ́, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Ti àwọn ìgbìmọ̀ omi kò gba àkókò: ènìyàn 56 ló wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, 49 ló dúró parí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn 49 ni a kọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ to àkókò, owó àti iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn

Gbólóhùn kan péré ni, ojú ìwé àkọ́kọ́ ni kó sì wà. Tiwa lọ báyìí: "Àkókò tó ti lọ jẹ́ ìdá 50 nínú 100. Owó tí a ti ná jẹ́ £33,600, ìdá 56. Kànga tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ 4 nínú 12, ìdá 33." Bí ẹ kò bá tò wọ́n, òṣìṣẹ́ ìnáwó onígbọ̀wọ́ yóò tò wọ́n fúnra rẹ̀, èrò tó máa wá sí i lọ́kàn kò ní dára tó èyí tí ẹ fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ya ohun tó fa ìdádúró sọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Mo fẹ́ kí a pẹ́ díẹ̀ níbí. Ohun tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ kọ nìyí: "Iṣẹ́ fà sẹ́yìn nítorí yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo àti bí náírà ṣe já wálẹ̀." Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ní Nàìjíríà ní ọdún 2023 yóò mi orí sí i. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ ti tán, lítà pẹtiróò tí kò tó ₦200 sì fò kọjá ₦480 ní ọjọ́ mélòó kan. Ní àárín oṣù kẹfà, wọ́n tú pàṣípààrọ̀ náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 ní iye ìjọba ti kọjá ₦700 kí oṣù keje tó parí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Àmọ́ dísù ni ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ ń mu, dísù kò sì sí lára ohun tí ìjọba ń fi owó ìrànwọ́ sí nígbà yẹn. Ihò méjì tó gbẹ náà sì ti gbẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, kí wọ́n tó kéde ohunkóhun. Onígbọ̀wọ́ tó bá mọ Nàìjíríà dáadáa yóò rí i ní ìṣẹ́jú kan. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá; epo ni làpálàpá nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni ètè? Ìbàràpá jókòó lórí àpáta líle. Omi kò dúró káàkiri abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ bí ó ṣe máa ń dúró nínú iyanrìn etí òkun. Inú ilẹ̀ tó ti jẹrà lórí àpáta ló máa ń wà, tàbí inú ibi tí àpáta ti sán. Ènìyàn lè gbẹ́ ilẹ̀ níbí kó bá omi, kó rìn ìṣísẹ̀ ogójì kó tún gbẹ́ kó bá òkúta gbígbẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ fi iná mànàmáná wo abẹ́ ilẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Ìṣúná wa ní owó fún èyí. Ní abúlé méjì, baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sí ibi tó fẹ́, iwájú ilé rẹ̀ ní ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ ọjà ní èkejì. Agbaṣẹ́ṣe ń kánjú, òṣìṣẹ́ wa tó wà níbẹ̀ kò sì fẹ́ já baálẹ̀ ní koro. Wọ́n gbẹ́ láìwo ilẹ̀. Àwa la jẹ̀bi.

Nítorí náà, a pín àlàyé ìdádúró sí mẹ́ta, a sì dárúkọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a kọ rèé:

"Kànga méjì gbẹ nítorí pé a jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò abẹ́ ilẹ̀ tó wà nínú ètò. Àṣìṣe wa ni. £4,000 ni gbígbẹ́ méjèèjì jẹ. A mọ̀ ní oṣù karùn-ún, ó sì yẹ kí a ti kọ̀wé sí yín láàárín ọjọ́ 30 bí àdéhùn ṣe sọ. A kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Kànga kan ní omi, àyẹ̀wò sì rí Í-kólì nínú rẹ̀. Kọnkéré tí wọ́n dà yí pọ́ọ̀mpù ká ti sán, omi ìdọ̀tí sì ń padà wọlé. Iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ni kò dára tó.

Kànga kan kò tí ì ní pọ́ọ̀mpù. Pọ́ọ̀mpù náà ń ti òkè òkun wá, agbaṣẹ́ṣe sì ní òun kò lè rà á ní iye tí a jọ fọwọ́ sí ṣáájú oṣù kẹfà. Èyí ti ìta wá."

Ẹ kíyè sí i pé náírà ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ kànga kan ṣoṣo ló gbé. Ẹ sì kíyè sí gbólóhùn tó sọ pé a kò kọ̀wé ní oṣù karùn-ún. Òun ló ṣòro jù láti kọ nínú gbogbo ìjábọ̀ náà, ọ̀gá wa sì fà á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó jẹ́ kó padà fi í sílẹ̀ ni pé ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé ẹ̀rí tí a fi kún ìjábọ̀. Bí a kò bá sọ ọ́, wọn yóò kà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àtúnṣe tí ènìyàn lè dì mú

"A ó túbọ̀ mójú tó iṣẹ́" kì í ṣe àtúnṣe. Àtúnṣe máa ń ní ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tí yóò parí, iye tí yóò ná wa, àti ohun tí a ó fi mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rin yìí, ẹ tún un kọ.

Fún kọnkéré tó sán: agbaṣẹ́ṣe yóò fọ́ ọ, yóò tún un dà lówó ara rẹ̀, a ó fi kílórínì fọ kànga náà, a ó sì gbé omi rẹ̀ padà lọ sí lábù kí oṣù kọkànlá tó parí. Títí di ìgbà náà, a ti so pọ́ọ̀mpù yẹn pa, a sì ti sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ará abúlé. Ẹ má gbàgbé irú gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ohun tí onígbọ̀wọ́ máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ló ń mu omi náà lọ́wọ́lọ́wọ́.

Fún pọ́ọ̀mpù tó wọ́n: a gbà láti san àfikún náà, nítorí pé owó wa ń wọlé ní pọ́n-ùn, pọ́n-ùn kan sì ti ń ra náírà púpọ̀ ju bí a ṣe ṣírò rẹ̀ lọ. Èyí gbé ọ̀rọ̀ kan wá tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń gbójú fò: èrè pàṣípààrọ̀. Ọdún yẹn, gbogbo ẹni tó ń gba owó òkè òkun ń ké pé ọjà wọ́n, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sọ pé náírà tó ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́ pọ̀ sí i. A ṣírò tiwa lẹ́yìn tí a yọ ohun tó wọ́n, pọ́ọ̀mpù náà pẹ̀lú, £3,900 ló ṣẹ́ kù. A kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pẹ̀lú bí a ṣe ṣírò rẹ̀, ọjọ́ tí a pààrọ̀ owó àti iye tí báǹkì fún wa.

Fún ihò méjì tó gbẹ: a kò ní gbẹ́ ibì kankan mọ́ láìní ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ tí olùdarí iṣẹ́ ti fọwọ́ sí. Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ni yóò lọ bá àwọn baálẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ ọ́fíìsì, nítorí pé ẹni tó bá kéré kò lè sọ fún baálẹ̀ pé ibi tó yàn kò dára. Àyẹ̀wò mẹ́fà, fún méjì tí a máa tún gbẹ́ àti mẹ́rin tó kù, jẹ́ £1,080. Owó tó wà fún àyẹ̀wò ti lọ sórí ihò òkúta. Gbígbẹ́ méjì tuntun jẹ́ £4,000. Páìpù àti pọ́ọ̀mpù ti méjèèjì ṣì wà nílẹ̀. Àpapọ̀ £5,080.

A wá sọ ibi tí a fẹ́ kí owó náà ti wá: £3,900 láti ara èrè pàṣípààrọ̀, £1,180 tó kù láti ara owó ayẹyẹ ìfilélẹ̀. Ìwé àdéhùn sọ pé a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ fún méjèèjì, nítorí náà a bèèrè àṣẹ, a kò sọ pé a ti ṣe é. A sì kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá gbà: kànga 10 ni a ó parí dípò 12, a ó sì dá £3,900 padà. Ó yẹ kí onígbọ̀wọ́ rí ọ̀nà méjèèjì kedere kó tó yàn.

Ti àkókò ńkọ́? A kò bèèrè àfikún oṣù. Òjò ń dá dúró ní oṣù kọkànlá, ọ̀nà ń gbẹ, ọkọ̀ ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ sì lè wọ abúlé. Bí àyẹ̀wò ilẹ̀ bá parí ní oṣù kọkànlá, a lè gbẹ́ mẹ́fà láàárín oṣù kejìlá àti oṣù kẹta. Bí ẹ bá máa bèèrè àfikún àkókò ní tiyín, ẹ bèèrè iye tí ẹ nílò lẹ́ẹ̀kan. Ìbéèrè oṣù méjì tí ẹ tún fi oṣù mẹ́ta tẹ̀ lé máa ń bí wọn nínú ju oṣù márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Ẹ gbé ìjábọ̀ náà fún ẹnì kan nínú ọ́fíìsì tí kò bá yín kọ ọ́, kí ó mú nọ́ńbà mẹ́ta tó bá wù ú, kí ó ní kí ẹ fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ han òun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tí ẹ kò bá rí ìwé rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò tàbí kí ẹ kọ ọ́ pé ìfojúdíwọ̀n ni. Ẹ wo àwòrán náà. A ti rí ibi tí wọ́n ti fi fọ́tò kànga kan náà sí ìjábọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, igi máńgòrò ẹ̀yìn rẹ̀ ló tú àṣírí.

Lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú pọ́ọ̀mpù. A pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́ta dáhùn pé omi ń jáde. Obìnrin tó wà ní ẹ̀kẹrin, lápá Ayétẹ̀, ní, "Ó ń jáde o, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ó ti di kí a fà á bí ogún kó tó dáhùn." Rọ́bà inú pọ́ọ̀mpù ló ti ń jẹ. A fi 4 sílẹ̀ bí ó ṣe wà, a fi gbólóhùn kan kún un lábẹ́ tábìlì nípa rọ́bà náà àti ọjọ́ tí a máa pààrọ̀ rẹ̀, a sì fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ kí agogo méjì ọ̀sán tó lù.